Bí Ẹ Ó Ṣe Kọ Ọ̀rọ̀ Ìdúpẹ́ Àmì-Ẹ̀yẹ Láìjí Iṣẹ́ Ikọ̀ Yín, Láìsì Sẹ́ Tiyín

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ṣe iṣẹ́, kí orúkọ ẹnì kan tó wà lára àmì-ẹ̀yẹ. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó gbà á, bí àwọn tó ń fúnni ṣe ṣètò rẹ̀ ni. Òfin ẹ̀bùn Nobel, fún àpẹẹrẹ, kò gbà kí wọ́n pín ẹ̀bùn kan fún ju ènìyàn mẹ́ta lọ. Ní ọdún 2017, wọ́n fún Rainer Weiss, Barry Barish àti Kip Thorne ní ẹ̀bùn físíìsì nítorí ẹ̀rọ LIGO àti ìgbì òòfà ojú ọ̀run tí ẹ̀rọ náà gbà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe Weiss, ó ní lójú òun, iṣẹ́ nǹkan bí 1,000 ènìyàn ni wọ́n ń yẹ́ sí, iṣẹ́ tó ti tó ogójì ọdún. Kò sọ pé òun ò ṣe nǹkan kan o. Ó kàn ka iye àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà fún wọn ni.

Ohun tó máa ń ba ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ jẹ́ kò ju méjì lọ. Àwọn kan á kó iṣẹ́ gbogbo ikọ̀ sábẹ́ orúkọ ara wọn. Àwọn mìíràn á gbé ìrẹ̀lẹ̀ ojú ayé wọ̀, wọ́n á ní àwọn ò ṣe nǹkan kan, ikọ̀ ló ṣe gbogbo rẹ̀. Àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì: wọn ò sọ ẹni tó ṣe kí ni. Oògùn rẹ̀ ni pé kí iṣẹ́ jókòó ti ẹni tó ṣe é, kí tiyín náà sì wà níbẹ̀.

N ó mú àpẹẹrẹ kan tí a ó máa bá lọ. Akọ̀ròyìn kan gba àmì-ẹ̀yẹ ìròyìn ìwádìí. Ìròyìn náà tú àṣírí àwọn tó ń pa ọjọ́ rẹ́ lára páálí oògùn tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá, tí wọ́n ń tẹ ọjọ́ tuntun sí i, tí wọ́n sì ń dá a padà sọ́jà. Orúkọ akọ̀ròyìn yìí nìkan ló wà nínú lẹ́tà. Àmọ́ ó ní olóòtú, oníṣirò tó ń bójú tó dátà, ayàwòrán, lọ́yà àti awakọ̀, ó sì ní àwọn tó fún un ní ìwé ní bòókẹ́lẹ́. Níbi tó bá yẹ kí orúkọ wà, n ó fi ipò ẹni náà rọ́pò rẹ̀, bíi @olóòtú.

1. Ẹ ka lẹ́tà náà tán kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wá nínú lẹ́tà ni ọjọ́ tí wọ́n gbà kí ẹ kéde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ máa ń sọ fún ẹni tó gbà á ṣáájú, kí wọ́n sì ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ ayẹyẹ. Bí ẹ bá gbé e jáde ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ ti ba ìkéde wọn jẹ́. Ẹ ṣàdàkọ orúkọ àmì-ẹ̀yẹ náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọdún rẹ̀ àti ìsọ̀rí tí ẹ wà. Ẹ wò ó dáadáa bóyá ẹ borí ni, tàbí ẹ wọ orúkọ àwọn tó kù sí ìpele ìkẹyìn. Méjèèjì ló níyì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ “mo borí” nígbà tó jẹ́ pé ìpele ìkẹyìn ló dé, ẹlòmíràn ló máa bá a tún un ṣe ní gbangba.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ka ohun tí àwọn adájọ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ iṣẹ́ ẹni tí wọ́n ń yìn ní ti gidi. Nínú àpẹẹrẹ wa, wọ́n kọ ọ́ pé ohun tó wú àwọn lórí jù ni ẹ̀rí pé páálí kan náà jáde ní ọjà méjì pẹ̀lú ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Akọ̀ròyìn kọ́ ló rí ìyẹn. Ẹni tó ń bójú tó dátà ló rí i. Bí akọ̀ròyìn bá ṣàdàkọ ìyìn náà sábẹ́ àwòrán ara rẹ̀ láìsọ bẹ́ẹ̀, kò parọ́, síbẹ̀ ó ti gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

2. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ ẹni tó ṣe kí ni

Ẹ má fi ìrántí nìkan ṣe é. Àwọn tó ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ ìkẹyìn ni orí máa ń tètè rántí, á sì gbàgbé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kí wọ́n tó lọ síbòmíràn. Ẹ padà sí àwọn ọ̀rọ̀ tí ikọ̀ fi ránṣẹ́ sí ara wọn láti ọjọ́ kìíní. Bó bá jẹ́ Google Docs lẹ fi kọ iṣẹ́ náà, ẹ ṣí File, kí ẹ wá lọ sí Version history, ẹ ó rí orúkọ ẹni tó fọwọ́ kan ibì kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó ṣe é.

Àwọn tó ń kọ ìwé ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní àtẹ kan tí wọ́n ń pè ní CRediT, tó pín iṣẹ́ sí ọ̀nà 14. Ìwé kíkọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó wá owó, ẹni tó tọ́jú dátà àti ẹni tó ń darí ètò iṣẹ́ náà ní àyè tiwọn. Kò pọn dandan kí ẹ lo àtẹ náà bó ṣe rí. Ó wúlò láti fi rántí àwọn tí iṣẹ́ wọn kì í hàn lójú.

Ẹ pín ìwé sí ọ̀nà méjì, orúkọ lápá kan, iṣẹ́ lápá kejì. Lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé: ká ní ẹni yìí kò sí níbẹ̀, kí ni kì bá tí rí bó ṣe rí? Ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ tọ́ka sí. “Ó fún wa ní okun” kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ wo ohun tí akọ̀ròyìn wa kọ nígbà tó dé orí awakọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ni “ó gbé wa káàkiri”. Nígbà tó ronú sí i, ó rántí pé níbi tí awakọ̀ jókòó sí tó ń dúró dè wọ́n, òun ló kíyè sí i pé ọkọ̀ kan náà máa ń já páálí sẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé kan. Ìyẹn kì í ṣe ìrànwọ́ lásán, apá kan ìwádìí ni. Olóòtú ńkọ́? Ó dá ohun tí akọ̀ròyìn kọ́kọ́ kọ padà, ó kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: “Ta ló ń tẹ ọjọ́ tuntun?” Títí di ìgbà yẹn, àwọn tó ń ta oògùn nìkan ni ìwádìí náà dojú kọ.

Ibi tó máa ń le jù ni ìlà tiyín. Ẹ má dá nìkan kọ ọ́. Ẹ ní kí ẹnì kan nínú ikọ̀ kọ ọ́, kí ẹ̀yin náà kọ tiyín sọ́tọ̀, kí ẹ wá fi méjèèjì wéra. Bí tiyín bá gùn ju tirẹ̀ lọ, ẹ lọ wo ohun tí ẹ fi kún un. Bí tirẹ̀ bá gùn jù, ìrẹ̀lẹ̀ ojú ayé ti ń bá yín ṣeré nìyẹn. Olóòtú kọ ọ́ nípa akọ̀ròyìn wa pé òun ló mú àbá náà wá, òun ló sì bá àwọn tó mọ àṣírí òwò náà sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi fọkàn tán an. Akọ̀ròyìn fúnra rẹ̀ ti kọ “mo kọ ìròyìn náà”, ó dákẹ́ síbẹ̀.

3. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí olúkúlùkù kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gùn: “Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lórí àmì-ẹ̀yẹ yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ nìyí: ‘Ó kó nọ́ńbà ara páálí jọ sínú tábìlì kan, ó sì rí àwọn tó jáde lẹ́ẹ̀mejì.’ Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Báwo lo ṣe fẹ́ kí n kọ orúkọ rẹ? Ṣé o fẹ́ kí n so ojú ìwé rẹ mọ́ ọn?” Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ó lè fèsì pé ẹlòmíràn ló kó nọ́ńbà náà jọ, òun kàn fi wọ́n wéra ni. Ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ báyìí ju kí ẹ rí i lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín lójú gbogbo ayé.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ yọ orúkọ òun kúrò, ó sì lè má sọ ìdí. Ẹ yọ ọ́. Ní ti àwọn tó sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ wọn tún lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a má dárúkọ wọn nìkan kò tó. “Òṣìṣẹ́bìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn” lè tó fún ọ̀gá rẹ̀ láti dá a mọ̀. Ẹ má sọ ju ohun tí ìròyìn náà fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba lọ. Òfin kan náà ló kan dókítà tó gba àmì-ẹ̀yẹ, tó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ aláìsàn.

Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó gbà yín, ẹ fi hàn wọ́n pẹ̀lú. Bí ikọ̀ bá sì ń jiyàn lórí ẹni tó ṣe kí ni, ẹ parí rẹ̀ nínú ilé. Ohun tí gbogbo wọn gbà nìkan ni kí ẹ kọ.

4. Gbólóhùn àkọ́kọ́: ẹ sọ pé ẹ gbà á

Lórí LinkedIn, ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń hàn kí òǹkàwé tó tẹ ibi tí yóò ti rí ìyókù. Lórí X, bí ẹ kò bá san owó oṣooṣù, àmì 280 ni gbogbo ohun tí ẹ ní fún ọ̀rọ̀ kan. Nítorí náà, ìròyìn ayọ̀ náà ni kó ṣáájú. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbà àti iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ fún yín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fi “mi ò mọ ohun tí mo ṣe tí wọ́n fi yàn mí” bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rí i, nítorí fún ọ̀pọ̀ àmì-ẹ̀yẹ, ẹni tó gbà á ló kọ́kọ́ gba fọ́ọ̀mù, tó kọ àlàyé ìdí tó fi yẹ kí wọ́n yan òun, tó tún wá àwọn tí yóò jẹ́rìí sí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ díje ni, ẹ lè sọ ọ́ wẹ́rẹ́: “A fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ìdíje ọdún yìí, ó sì borí.” Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ lè sọ pé inú yín dùn. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ ni pé ẹ kò yẹ fún un, nítorí àwọn adájọ́ àti gbogbo ikọ̀ tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú yín lẹ ń bú nígbà náà.

5. Tiyín, kó tó dé orí tàwọn tó kù

Gbólóhùn kan sí mẹ́ta, kí “mo” sì wà nínú rẹ̀. Àwọn kan gbà pé ìlà tara ẹni ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Èmi ò fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá ti sọ tiyín ní kedere lókè, òǹkàwé ò ní máa wá a kiri nínú ìyókù, ẹ ó sì lè fi gbogbo àyè tó kù sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn láìmáa yọjú sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣọ́ra fún “a”. Ó rọrùn láti fi bo nǹkan mọ́lẹ̀. “A kọ ìròyìn náà” nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ kọ ọ́ jẹ́ ìrẹ̀lẹ̀ ojú ayé. “A rí i nínú dátà” nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ló jókòó tì í, òòrùn rẹ̀ lẹ ń dí. Ibi tí gbogbo ikọ̀ bá ti ṣe é lóòótọ́ ni kí “a” ti jáde.

6. Ikọ̀: orúkọ kan, iṣẹ́ kan

Ìdí tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ fi máa ń dà bí àkọsílẹ̀ orúkọ ní kíláàsì ni pé orúkọ nìkan ló wà níbẹ̀. Òwe “àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà” náà ti wọ́pọ̀ jù. Òótọ́ ni, àmọ́ kò dárúkọ ọwọ́ kankan. Ohun tí akọ̀ròyìn wa kọ́kọ́ kọ nìyí:

“Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ! Ọmọ kékeré bíi tèmi, tí wọ́n fún ní irú ẹ̀bùn yìí! Èmi kọ́ o, ikọ̀ mi ni. Ẹ ṣeun o, @olóòtú, @oníṣirò, @ayàwòrán, @lọ́yà, @awakọ̀. Ẹ̀yin lẹ ṣe é. Iṣẹ́ ò tíì parí!”

Bí ẹni tó kà á bá jẹ́ olóòtú níbòmíràn tó ń wá ẹni tó mọ dátà, kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ ohun tí ìròyìn náà dá lé. Èyí tó tún kọ nìyí:

“Ìròyìn wa lórí àwọn tó ń tẹ ọjọ́ tuntun sára oògùn tó ti bàjẹ́ gba àmì-ẹ̀yẹ ìròyìn ìwádìí ọdún yìí. Inú mi dùn gidigidi.

“Èmi ni mo mú àbá náà wá, èmi ni mo sì kọ ọ́. Apá tó gba àkókò mi jù ni bíbá àwọn tó mọ òwò náà sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi fọkàn tán mi.

“Ẹ̀rí tí àwọn adájọ́ yìn jù, iṣẹ́ @oníṣirò ni. Ó fi nọ́ńbà ara páálí tí a rà wéra lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí àwọn tó jáde lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. @olóòtú ló béèrè pé ta ló ń tẹ ọjọ́ tuntun; mi ò tíì bi ara mi ní ìbéèrè yẹn. Ilé ìtẹ̀wé tí ìbéèrè náà gbé wa dé, @awakọ̀ ló kọ́kọ́ kíyè sí ọkọ̀ tó ń já páálí sẹ́yìn rẹ̀. @ayàwòrán ya gbogbo rẹ̀ láìjẹ́ kí ojú òṣìṣẹ́ kankan hàn. @lọ́yà bá wa ka gbogbo gbólóhùn, ó ní ká yọ èyí tí a kò ní ìwé lé lórí, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé a ò gbọdọ̀ yọ ìyókù.

“Ó ku àwọn tó bá wa sọ̀rọ̀ tí mi ò lè dárúkọ. Láìsí wọn, kò sí ìròyìn. Ẹ ṣeun.”

Ẹ kíyè sí i pé kò tò wọ́n bí ipò wọn ṣe ga tó. Iṣẹ́ tí àmì-ẹ̀yẹ náà dá lé ló ṣáájú, ìyókù sì tẹ̀ lé ara wọn bí ìwádìí náà ṣe lọ, nítorí náà awakọ̀ ṣáájú lọ́yà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rò ó sí nǹkan kan. Kò sì pín gbólóhùn dọ́gba. Oníṣirò gba àyè jù, torí iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé ìròyìn náà.

Bí ikọ̀ bá ju ènìyàn méje tàbí mẹ́jọ lọ, ọ̀nà yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Nígbà náà, ẹ mú àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí iṣẹ́ wọn yí nǹkan padà, kí ẹ sọ tiwọn ní kíkún, kí ẹ wá kọ orúkọ gbogbo ikọ̀ àti iṣẹ́ olúkúlùkù sínú kọ́mẹ́ǹtì àkọ́kọ́. Ẹ sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà pé orúkọ tó kù wà níbẹ̀.

Ọpẹ́ sí Ọlọ́run, sí ẹbí àti sí àwọn adájọ́ lè wọlé ní ìparí, ní ìlà tirẹ̀. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ tàwọn tó ṣe iṣẹ́, nítorí bí ẹni tó gba ọmọ mọ́ yín lọ́wọ́ nílé bá wà láàárín ayàwòrán àti lọ́yà, òǹkàwé ò ní mọ ẹni tó ṣe kí ni mọ́.

7. Ẹ dán an wò kí ẹ tó gbé e jáde

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ mú orúkọ ènìyàn méjì nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ pààrọ̀ wọn. Bí gbólóhùn náà bá ṣì bá àwọn méjèèjì mu, ẹ kò tíì sọ nǹkan kan nípa èyíkéyìí nínú wọn. “@lọ́yà ṣiṣẹ́ takuntakun” bá gbogbo ènìyàn mu. Èyí tó sọ pé ó kọ̀ kí wọ́n yọ ìyókù kò bá ayàwòrán mu.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì: ẹnì kan tó wà nínú ikọ̀, àti ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà. Ẹni àkọ́kọ́ á sọ fún yín bí òótọ́ bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ní kí ẹnì kejì sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ karùn-ún.

Àwòrán náà ń sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń sọ nípa ènìyàn mẹ́fà, tí àwòrán sì jẹ́ ti ẹ̀yin nìkan pẹ̀lú ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́, àwòrán ni ojú máa kọ́kọ́ gbà gbọ́. Ẹ fi ti ikọ̀ ṣáájú bí ẹ bá ní i, kí ti ife ẹ̀yẹ tẹ̀ lé e.

8. Lẹ́yìn tó ti jáde

Àwọn ènìyàn á máa kí yín lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ “kú oríire, iṣẹ́ rẹ lórí dátà yẹn ga!”, ẹ má fi “ẹ ṣeun” nìkan dá a lóhùn. “Ẹ ṣeun. @oníṣirò ló ṣe apá yẹn, ẹ bi í bó ṣe ṣe é.” Ẹni tó bá sì yin ohun tí ẹ̀yin gan-an ṣe, “ẹ ṣeun, ó gba àkókò” ti tó. Kò yẹ kí ẹ wá ẹni tí ẹ ó tì í sí lọ́rùn.

Bí ẹ bá rántí ẹnì kan tí ẹ gbàgbé, ẹ pe ẹni náà lórí fóònù kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, kí orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ wà láàárín àwọn tó kù níbi tó yẹ kó wà. Ẹ má kàn fi í sínú kọ́mẹ́ǹtì pẹ̀lú “mo gbàgbé ẹni pàtàkì kan o”, nítorí ìgbàgbé yín ni gbogbo ènìyàn á máa sọ̀rọ̀ lé lórí, wọn ò ní mọ iṣẹ́ tó ṣe. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wà níbi tí kò ṣeé tún ṣe mọ́, ẹ kọ òmíràn lọ́jọ́ kejì lórí ẹni náà nìkan, kí ẹ sọ ohun tó ṣe ní kíkún.

Akọ̀ròyìn tàbí ilé iṣẹ́ mìíràn lè fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò. Ẹ fún wọn ní àkọsílẹ̀ tí ẹ ṣe ní ìgbésẹ̀ kejì kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì yọ àwọn tí kò fẹ́ kí orúkọ wọn jáde kúrò nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ìbéèrè lórí dátà, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà fóònù oníṣirò, bó bá ti gbà kí ẹ fún wọn.